Agbárí àti ẹkún: ohun tó gba ipò 😂 lọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́langba

“Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi ní kí n má fi 😂 ránṣẹ́ sí òun mọ́, pé ti àwọn àgbàlagbà ni. Kí ló dé? Kí ni wọ́n wá ń lò báyìí?”

Ẹ kú ìbéèrè o. Ọ̀dọ́langba mẹ́ta ló wà nílé mi, wọ́n sì ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé mi. Méjì ni ẹ ó máa rí jù lọ́wọ́ wọn: agbárí, ìyẹn 💀, àti ojú tó ń ké tòò, ìyẹn 😭. Ẹ̀rín ni àwọn méjèèjì. Ọmọ tó fi agbárí ránṣẹ́ ń sọ pé ẹ̀rín ti pa òun. Èyí tó fi ẹkún ránṣẹ́ ń sọ pé òun rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé.

Ohun tó ṣe 😂 kò le. Ọdún 2010 ló wọ inú àkójọ Unicode, tí àwọn tó ń ṣe fóònù ń tẹ̀ lé. Nígbà tó fi máa di 2015, ó ti gbajúmọ̀ débi pé àwọn oníwèé atúmọ̀ èdè Oxford mú un ní ọ̀rọ̀ ọdún náà, bẹ́ẹ̀ àwòrán ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún òde òní ṣì kéré gan-an nígbà yẹn. Ọwọ́ ìyá, bàbá àti olùkọ́ ló ti kọ́kọ́ rí i. Ǹjẹ́ ẹ ti rí ọ̀dọ́langba tó fẹ́ máa rẹ́rìn-ín bíi ti olùkọ́ rẹ̀?

Àwa àgbà náà sì ti lò ó lálòjù, níbi tí kò ti sí ohun ẹ̀rín rárá. “Mo ti délé 😂.” “Ṣé o ti jẹun ni 😂?” “Má gbàgbé owó mi o 😂.” A ń fi rọ ọ̀rọ̀ ni, kí ó má bàa le létí ẹni tó ń kà á. Ṣùgbọ́n tí nǹkan bá ti ń tẹ̀ lé gbogbo gbólóhùn, kò lè fi hàn mọ́ pé ẹnì kan rẹ́rìn-ín ní ti gidi. Àwọn tó ń jà lórí ayélujára náà tún ba orúkọ rẹ̀ jẹ́: ẹni tí kò bá rí èsì fọ̀ á to márùn-ún lé ara wọn láti fi tẹ́ńbẹ́lú ẹnìkejì. Ọ̀pọ̀ ọmọ ti rí irú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwòrán yẹn ò fi dùn mọ́ wọn mọ́.

Ẹ má rò pé àwọn tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ jẹ́ tuntun o. Ọdún 2010 yẹn náà ni 💀 àti 😭 wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń lò ó ló yàtọ̀. Agbárí gbẹ, kò pariwo. Ẹyọ kan ṣoṣo tó, ìparí gbólóhùn ló ń wà, láìsí àmì ìdánudúró, nígbà mìíràn òun nìkan ni gbogbo èsì. Ọ̀rọ̀ ìtìjú ni wọ́n sábà máa ń lò ó fún, irú èyí tí èèyàn á ní kí ilẹ̀ là kí òun wọlé. 😭 ní tirẹ̀ lọ́yàyà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n máa ń to mẹ́ta mẹ́rin pọ̀, wọ́n sì ń lò ó fún ohun tó dùn mọ́ wọn nínú, fún ẹ̀bẹ̀, àní fún àwòrán ọmọ ajá.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú gúrúpù ìdílé wa ṣàlàyé. Ọmọ mi kejì kọ ọ́ pé: “Mo juwọ́ sí ẹnì kan lójú títì, mi ò mọ̀ ọ́n rí 💀”. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá a lóhùn: “💀💀”. Àbúrò rẹ̀ ní: “😭😭😭 kí ló wá ṣe”. Ó ní: “Ó juwọ́ padà 😭”. Ibẹ̀ ni bàbá wọn ti wọlé: “😂😂😂😂 Ọmọ mi!” Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Nígbà tí mo bi ọmọ náà léèrè lálẹ́, ó ní àwọn tó kù ń bá òun rẹ́rìn-ín ni, àmọ́ ó dà bíi pé dádì ń rẹ́rìn-ín òun. Ọkọ mi ò ní in lọ́kàn bẹ́ẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kà á nìyẹn. Ẹni tó fi agbárí dáhùn ti bá a kú sínú ìtìjú yẹn, ẹni tó fi 😂 dáhùn dúró sí ẹ̀yìn ó ń wòran.

Ibi tó léwu ni pé àwọn àwòrán yìí lè ṣi àgbà lọ́nà. Ìyá mi rí agbárí lábẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó pè mí láti béèrè ẹni tó kú. Nítorí náà, mo ti sọ fún àwọn ọmọ pé kò gbọdọ̀ sí agbárí níbi tí àwọn òbí àgbà bá wà, pàápàá tí wọ́n bá ń kí ẹnì kan kú àfẹ́kù. Ti 😭 tún nira ju ìyẹn lọ, torí pé ọmọ lè máa sunkún lóòótọ́. Ohun tí mo máa ń wò ni iye àti ohun tó yí i ká. “Mi ò rí ìwé mi mọ́ 😭😭😭😭” tí àwàdà mìíràn tẹ̀ lé, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá kúrú, tí kò sí emójì kankan níbẹ̀, tó wá fi àmì ìdánudúró parí rẹ̀, bíi “Ó dára.”, ìgbà yẹn ni mo máa ń pè é lórí fóònù. Nínú ilé tèmi, ọmọ tí inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an kì í wá emójì.

Àmọ́ 😂 ò tíì kú o. Ní 2021, Emojipedia, ìkànnì tó ń ṣàlàyé emójì, sọ pé 😭 ti lé e kúrò ní ipò kìíní lórí Twitter, ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn kan náà, Unicode fi hàn pé 😂 ṣì ni àwọn èèyàn ń lò jù káàkiri ayé, ó lé ní márùn-ún nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún emójì. Àwọn ọmọ míì pàápàá ò bìkítà, ẹ̀dá ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń bá rìn ló ń pinnu rẹ̀.

Tí ẹ bá ń wá wọn lórí Discord, áàpù tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ohun tí ẹ máa tẹ̀ nìyí: `:joy:` ni 😂, `:sob:` ni 😭, `:skull:` sì ni 💀. Ẹ má fi ☠️ rọ́pò rẹ̀, tó ní egungun méjì lábẹ́: àmì májèlé ni ìyẹn, wọ́n á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé àlejò ni yín.

Ní tèmi, mi ò ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbárí ránṣẹ́ sí ọmọ yín. Ọjọ́ tí gbogbo ìyá bá bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n á sá kúrò níbẹ̀. “Háà, ìwọ ọmọ yìí!” tí ẹ bá fẹnu ara yín kọ dára ju gbogbo rẹ̀ lọ. Tí ọmọ náà bá wá fi 😂 ránṣẹ́ sí yín lọ́jọ́ kan, ẹ tún ohun tí ẹ kọ kà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀yin ló ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀.