Ta Ló Ṣe Ta Lóore Nínú Òwe Máníjà?

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá. Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Kábà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń gba àlejò wọlé. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fún òṣìṣẹ́ ní àmì ẹ̀yẹ, máníjà wa dìde láti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń gbálẹ̀ àtàwọn tó ń gbé ẹrù àlejò, àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ó fún wọn ní àpòòwé, ó ní, 'Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà.' A pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn ìyá tó ń gbálẹ̀ kò pàtẹ́wọ́, ọ̀kan tilẹ̀ pòṣé. Ẹnì kan ní torí pé ó pè wọ́n lọ́mọdé ni. Ṣé òótọ́ ni?"

Irọ́ ni. Irú àlàyé yìí sì ń bí mi nínú, torí ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ. Ẹni tí kò mọ òwe á mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀, á ní òun ni gbogbo ẹ̀. Àwọn àgbà ilé wa ń pa òwe yìí nípa ara wọn, irùngbọ̀n funfun lójú. Bí àna bá gbé iṣu wá fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ìyàrá, òwe yẹn ló máa kọ́kọ́ fẹnu bà kó tó ní kí wọ́n kí àwọn ará ilé fún òun. Òun fúnra rẹ̀ ni ọmọdé inú òwe, kò sì bínú. Ẹni tó ń dúpẹ́ ni ọmọdé yẹn, ọjọ́ orí kò sí níbẹ̀ rárá.

Wá wò ó báyìí. Nínú gbọ̀ngàn yín, ta ni ọmọdé? Bó bá jẹ́ máníjà ni, a jẹ́ pé ohun tó ń sọ ni pé, "Mò ń dúpẹ́ kí n lè tún rí iṣẹ́ gbà lára yín." Bó bá sì jẹ́ àwọn ìyá ni, a jẹ́ pé ó ní kí wọ́n dúpẹ́ àpòòwé tó fún wọn, bí wọ́n bá fẹ́ gba òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Èyí kejì ni wọ́n gbọ́, òun ló sì fa òṣé. Wọ́n wá síbẹ̀ bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè ọpẹ́, òwe sọ wọ́n di ẹni tó jẹ gbèsè.

Mo ti di ìjókòó alága mú níbi ìnáwó púpọ̀ láti Ìsánlú dé Mọpà, mo sì ń sọ ọ́ tipẹ́ pé òwe ọpẹ́ ní ojú tó ń kọ sí. Kí o tó là á lẹ́nu, mọ ẹni tó ṣe oore, mọ ẹni tó jẹ ẹ́. Inú àṣà "àná" tó wà nínú òwe yẹn gan-an lo ti máa rí i. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí ẹnì kan bá ṣe wá lóore lónìí, a dúpẹ́ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ọpẹ́ yẹn kò tíì pé. Kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́ dáadáa, ìyá wa á ti rán wa lọ sílé onítọ̀hún. A kì í gbé nǹkan kan lọ́wọ́. A ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, a ó ní, "Ìyá wa ní ká wá dúpẹ́ àná." Ẹni náà á ní kò tó ọpẹ́, á wúre, ó lè tún fún wa ní ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tutù nínú ewé. Òmíràn tí òwe wí nìyẹn. Bí ìyá wa bá pàdé ẹni náà lọ́jà lọ́jọ́ kẹta, á tún dúpẹ́. Àwọn ará ilé tí ọ̀rọ̀ kò kàn á máa bá wa dúpẹ́: "A gbọ́ ohun tí ẹ ṣe fún wọn o, ẹ ṣeun." Ẹni tó jẹ oore ló ń rìn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é. A kì í rí i kí ẹni tó ṣoore jókòó, kó máa kọ́ ẹni tó ṣe é fún bó ṣe máa dúpẹ́.

Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú, Ọ̀wọ́rọ̀, ìkíni ni wọ́n fi sọ wá lórúkọ. "Okun" tí a ń kí ara wa ni ayé fi ń pè wá. Àwa náà ló wá kù tí a ń fi ọ̀rọ̀ orí fóònù dúpẹ́ báyìí, tí ilẹ̀ bá ti mọ́, ó ti tán. Kò yà mí lẹ́nu pé máníjà kò mọ ibi tí òwe ń lọ.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní, ṣebí wọ́n ń gba owó oṣù, kí ló wá kan oore? Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Owó oṣù ló ń san gbígbá ilẹ̀, fífọ ilé ìtọ̀ àti pípààrọ̀ aṣọ ibùsùn. Kì í san òpin ọ̀sẹ̀ tí ìsìnkú mẹ́ta pàdé nílùú, tí gbogbo yàrá kún, tí ẹ̀rọ tó ń fa omi kọṣẹ́, tí àwọn ìyá wọ̀nyí ń fi korobá pọn omi gun àjà kejì kí àlejò tó jí. Kì í san ẹni tó ń gbé àpótí àlejò wọlé, tó rí i pé owó já sílẹ̀ lára rẹ̀, tó sáré gbé e wá fún ìwọ tó o wà lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó kọjá owó oṣù yẹn ni oore. Òun ni máníjà ì bá dárúkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣe é. "Ẹ ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa" nìkan kò tó, òkúta náà ń pẹ́ níbi tí wọ́n gbé e sí.

Bó bá jẹ́ èmi ni mo gba máníjà nímọ̀ràn lálẹ́ ọjọ́ náà, báyìí ni ǹ bá ní kó ṣe é. Àwọn ìyá yẹn ju máníjà lọ lọ́jọ́ orí, nítorí náà kó kọ́kọ́ tọrọ àyè: "Tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà." Wọ́n á dáhùn pé, "Wàá rí òmíràn pa." Kó wá sọ pé: "Ọjọ́ tí omi kò yọ, Ìyá, ẹ̀yin lẹ bo ìtìjú wa. Èmi ni mo jẹ oore yẹn. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà; èmi ọmọdé ni mo wá dúpẹ́ o." Lẹ́yìn náà kó yíjú sí àwùjọ: "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn." Òwe kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ti fi ara rẹ̀ sáyè ọmọdé. Kó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àpòòwé náà, kó tẹ orí ba, kó ní kò tó o. Kó má ṣe pè é ní ẹ̀bùn tí iléeṣẹ́ fi ṣàánú wọn.

"Yin ni yin ni kẹ́ni ó ṣe òmíràn" náà kò dára lẹ́nu máníjà. Ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ń fi í gba ẹni tó jẹ oore nímọ̀ràn. Bí ẹni tó ń yìn bá fi ẹnu ara rẹ̀ pa á, ó ti ń sọ ìdí tó fi ń yìn. "Ẹni tó mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá" kò ní wàhálà, kó lò ó bó bá wù ú.

Ọ̀rọ̀ kò tíì bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Sọ fún un, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kó tètè dé láàárọ̀ ọjọ́ kan kí àlejò tó máa jáde. Kó lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń gbálẹ̀, kó má ránṣẹ́ pè wọ́n sí ọ́fíìsì. Kó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Mo wá dúpẹ́ àná." Bí ẹni tó pòṣé bá dá a lóhùn, tó sì wúre fún un, ó ti tán nìyẹn. Bó bá kàn mi orí, tó ń gbálẹ̀ rẹ̀ lọ, kó tún padà wá lọ́jọ́ kejì.