Ṣé mo lè yọ wọ́tàmáàkì kúrò lára fídíò ẹlòmíì?

Ìbéèrè: "Mo rí fídíò Ọdún Ọlọ́jọ́ kan lórí Fesibúùkù. Ṣé mo lè yọ wọ́tàmáàkì oníkámẹ́rà kúrò, kí n fi polówó ṣọ́ọ̀bù aṣọ mi ní Lágeré?"

Rárá, àfi tí oníkámẹ́rà bá gbà. Ìlú Ifẹ̀ ló ni ọdún náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ya fídíò ló ni fídíò. Bí o bá lò ó fún ìpolówó láìgbàṣẹ, o ti rú òfin ná, kódà kí wọ́tàmáàkì, ìyẹn àmì orúkọ oníkámẹ́rà, ṣì wà níbẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ Nàìjíríà ti 2022 wá sọ yíyọ irú àmì bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn, bí ẹni tó yọ ọ́ bá mọ̀ pé òun fi ń bo ìrúfin mọ́lẹ̀. Gígé etí fídíò kí orúkọ lè bọ́ sọnù kò yàtọ̀.

Nọ́ńbà oníkámẹ́rà sábà máa ń wà lára àmì yẹn gan-an. Fi Wáàsáàpù ránṣẹ́ sí i: sọ ibi tí o fẹ́ gbé fídíò sí, bí yóò ṣe pẹ́ tó, kí o sì bi í ní iye owó. Bí ẹ bá fẹnu kò, òun fúnra rẹ̀ lè fún ọ ní èyí tí kò ní àmì, tí kò sì ní ṣe bàìbàì níbi tí a ti pa nǹkan rẹ́. Má pa ìdáhùn rẹ̀ rẹ́ lórí fóònù.

Bí o bá ń ṣe àríwísí tàbí ìròyìn, òfin gbà kí o mú díẹ̀ lò, ṣùgbọ́n wàá dárúkọ oníṣẹ́. Ìpolówó kò sí lára ìwọ̀nyí.