Ọmọ tó ń sáré tó sì ń dàgbà: oúnjẹ ló nílò, kì í ṣe tíì

"Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 15, ń sáré 400 mítà. Ó ti sanra díẹ̀ lọ́dún yìí, eré rẹ̀ kò sì tún yá sí i. Kóòṣì ní kó dín ara kù. Obìnrin kan ń ta tíì àti kápúsù, ó ní ewé lásán ni. Ṣé kí n rà á, àbí páúdà amúaradàgbà ni kí n rà?"

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má ra ìkankan nínú wọn. Àkọ́bí mi obìnrin sáré 800 mítà nígbà tó wà ní girama, ojú wa rí nǹkan.

Ara tí ẹ rí yẹn, ìdàgbà ni. Lọ́jọ́ orí yẹn, ọmọbìnrin á ga, ìbàdí á yọ, ọ̀rá díẹ̀ á sì kún un. Eré rẹ̀ lè dúró sójú kan fún sáà kan títí agbára ẹsẹ̀ á fi bá ara tuntun náà mu. Kóòṣì tí kò mọ èyí, òṣùwọ̀n ló máa sá lọ bá.

Tíì yẹn, ewé sénà ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ọmọ á yàgbẹ́, á tún yàgbẹ́, òṣùwọ̀n á ní ó ti fúyẹ́. Omi ló lọ, ọ̀rá wà níbi tó wà. Ara gbígbẹ ló máa gbé lọ sórí pápá nínú oòrùn, pajápajá á sì mú un lẹ́sẹ̀.

Kápúsù ló burú jù. Síbútrámíìnì, oògùn tí wọ́n fi ń pa ebi, ni Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti mú kúrò lọ́jà ní 2010 nítorí àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń bá a nínú kápúsù tí wọ́n kọ "ewé àti egbò" sí lára. Bí ọmọ bá ti mu irú rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ ń gbẹ, tí kò róorun sùn, tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì lórí ìjókòó, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn pẹ̀lú ike oògùn náà.

Ti òfin eré ìdárayá tún wà ńbẹ̀. Ní 2003, wọ́n dá Shane Warne, ògbóǹtagì kíríkẹ́ẹ̀tì ọmọ Ọsirélíà, padà sílé láti Ife Àgbáyé. Oògùn tó ń múni tọ̀ ni wọ́n bá nínú ìtọ̀ rẹ̀. Ó ní ìyá òun ló fún òun kí òun lè tẹ́ẹ́rẹ́. Ọdún kan ni wọ́n fi lé e kúrò lórí pápá.

Ti ọmọ tèmi kò tilẹ̀ dé orí oògùn. Kóòṣì kan (mi ò ní dárúkọ) ní kó fi ẹ̀bà àti ìrẹsì sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ yára sí i, inú gbogbo wa dùn. Lẹ́yìn náà nǹkan oṣù rẹ̀ dáwọ́ dúró. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní bó ṣe máa ń rí fún sárésáré nìyẹn. Irọ́ ni o. Bí oúnjẹ tó ń wọlé kò bá tó èyí tí eré ń jó, ara á pa iṣẹ́ tí kò kánjú tì, ti ilé ọmọ ló sì máa ń yá a lára láti pa tì. Ohun tó ń jẹ́ kí nǹkan oṣù wá náà ló ń jẹ́ kí egungun le, àsìkò yìí gan-an ni egungun sì ń kó agbára tí wọ́n máa fi dàgbà jọ.

Ojúgun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ìrora iṣan máa ń tàn ká ojúgun, ó sì lè rọlẹ̀ bí ara bá gbóná. Ti egungun tó ń sán, orí ìka kan lè bò ó mọ́lẹ̀, ó ń le sí i bí ọmọ bá ṣe ń sáré, ó sì lè dùn lóru. Ẹ́síréè àkọ́kọ́ kò fi nǹkan kan hàn, bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń rí níbẹ̀rẹ̀. Èkejì ló gbé ìlà tín-ín-rín náà jáde. Sáà ìdíje yẹn lọ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Oúnjẹ ilé ló gbé e dìde. Láàárọ̀, ògì pẹ̀lú ife wàrà kan àti ẹyin méjì. Lọ́sàn-án, ife ẹ̀wà sísè kan pẹ̀lú ìrẹsì àti dòdò. Bó bá máa sáré ní aago mẹ́rin, ó ti gbọ́dọ̀ jẹun ní aago kan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà wà nínú báàgì rẹ̀, kó jẹ ẹ́ bó bá ti bọ́ bàtà, kó má dúró de ọkọ̀. Lálẹ́, àmàlà tàbí iyán, pẹ̀lú ègé ẹja Títù ńlá kan. Lọ́jọ́ tí eré bá le, òkèlè náà á pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò amúaradàgbà ibẹ̀: ẹyin bíi gíráàmù 12, wàrà 8, ẹ̀wà 15, ẹja 20, ẹ̀pà 7. Ó ti di 62, a ò tíì ka ti ìrẹsì àti ògì. Ọmọ tó wọn kílò 50, gíráàmù 60 sí 75 ti tó o lójúmọ́. Kí wá ni páúdà olówó gọbọi fẹ́ ṣe, tẹ́ ẹ ò tún mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn?

Ẹ rọra béèrè nǹkan oṣù rẹ̀ lálẹ́ òní. Bó bá ti fo oṣù mẹ́ta, tàbí kò tíì rí i rí, dókítà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, pẹ̀lú irin tó wà ní ìpamọ́ lára rẹ̀, kẹ́ ẹ tó ra oògùn ẹ̀jẹ̀ kankan. Ìwé tí dókítà bá kọ ni kẹ́ ẹ mú lọ bá kóòṣì.