Yàrá gbígbà lásìkò ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo: jẹ́ kí owó ṣáájú rẹ débẹ̀

"Ẹ̀yin àgbà, èmi àti màmá mi, ẹni ọdún 68, fẹ́ wá síbi ọdún Ọ̀ṣun láti Èkó. Ìgbà wo ló yẹ ká gba yàrá, ọjọ́ wo ló yẹ ká wọlé, báwo la sì ṣe máa ṣe é tí èrò àti ọ̀wọ́ngógó kò fi ní dá wa lágara?"

Àbúrò, ọdún àkọ́kọ́ tí mo lọ, orí fóònù ni mo ti gba yàrá, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Obìnrin tó gbé fóònù ní kí n fọkàn balẹ̀, pé yàrá mi ti wà nílẹ̀. Kò béèrè kọ́bọ̀, èmi náà ò sì san. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì máa mọ́ di ọjọ́ Arugbá, la dé, tèmi tìyàwó tọmọ. Wọ́n ti fi yàrá yẹn fún ẹlòmíì, tó san ìlọ́po méjì iye tí wọ́n pè fún mi. A wá yàrá káàkiri Òkè-Fìà títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sí. Ẹdẹ la padà sùn sí, ó ti lé ní aago mẹ́wàá alẹ́. Nígbà tí a máa fi padà wọ Òṣogbo láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ ti há mọ́ra, Arugbá sì ti wọ inú igbó Ọ̀ṣun. Ọmọ mi sunkún. Látìgbà náà, n kì í gba yàrá fún ọdún Ọ̀ṣun láìsan owó.

Ọjọ́ lo máa kọ́kọ́ mọ̀. Oṣù kẹjọ ni ọdún náà máa ń bọ́ sí, ọjọ́ Ẹtì sì ni Arugbá ń gbé igbá. Ní 2023, ọjọ́ kọkànlá ni. Ní 2024, ọjọ́ kẹsàn-án. Ní 2025, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. O rí i pé ó lè fi ọ̀sẹ̀ kan yẹ̀. Ààfin ló ń kéde ètò, nítorí náà má ṣe fi àṣà ọdún tó kọjá sanwó. Tó o bá fẹ́ sanwó kí wọ́n tó kéde, béèrè lọ́wọ́ mánéjà bóyá wọ́n máa sún owó rẹ sí ọ̀sẹ̀ kejì tí ọjọ́ bá yẹ̀, kó sì kọ ọ́ sí ìwé.

Oṣù kẹfà ni mo máa ń san tèmi. Bí o ṣe máa mọ̀ pé ìlérí òtẹ́ẹ̀lì kan kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nìyí: wọn ò ní béèrè owó, wọn ò ní fẹ́ sọ nọ́ńbà yàrá, wọ́n á ní kó o kàn pè tó o bá ti ń sún mọ́lé. Èyí tó dáa ni kó o san owó ọjọ́ kan, ó kéré tán, sínú àkáǹtì òtẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, kì í ṣe ti òṣìṣẹ́ kan, kí wọ́n sì fi rìsíìtì ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Kí orúkọ rẹ, ọjọ́ tí ẹ máa wọlé, ọjọ́ tí ẹ máa jáde, nọ́ńbà yàrá àti iye tó kù wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, pè wọ́n lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ Arugbá, kó o tún pè lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Ẹni tó ń pè kì í rọrùn láti gbàgbé.

Wo bí owó ṣe ń rìn. Yàrá tí mo lò kẹ́yìn, 18,000 náírà lóòru kan ni wọ́n ń gbà á ní ọjọ́ lásán. Ní oṣù kẹfà, wọ́n pè é ní 22,000 fún mi, mo sì san òru mẹ́ta, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì, ó jẹ́ 66,000. Ọkùnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi dé lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, 45,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòru kan. Òru méjì rẹ̀ jẹ́ 90,000. Èmi tí mo sùn jù ú lọ ni mo sanwó tó kéré. Ìdí ni pé ẹgbẹ́, ilé-iṣẹ́ àti àwọn olórìṣà tó ń bọ̀ láti òkè òkun máa ń kó yàrá mẹ́wàá, ogún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìyókù tó kù sílẹ̀ kò ju díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan lára wọn kì í san lásìkò. Tó o bá pẹ́ kó o tó gba yàrá, pe òtẹ́ẹ̀lì láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ Arugbá gan-an. Ìgbà yẹn ni mo ti rí i tí wọ́n ń tú yàrá tí ẹnikẹ́ni ò sanwó rẹ̀ sílẹ̀.

Tí ilé bá kún, omi inú táǹkì kì í dé àárọ̀. Kí màmá má bàa dúró de omi, pọn bọ́kẹ́ẹ̀tì kan kún kẹ́ ẹ tó sùn lálẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kó o gbé yẹ̀ wò dáadáa. Ọdún Ọ̀ṣun kì í ṣe ọjọ́ Ẹtì kan ṣoṣo. Ìwọ́pópó, ìyẹn ìwẹ̀nùmọ́ pópó ìlú, ló ń ṣáájú, lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn náà Àtùpà Olójúmẹ́rìndínlógún lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà Ìboríadé, ìyẹn bíbọ adé àwọn Àtáọ́ja tó ti wàjà, kó tó kan Arugbá. Alẹ́ Àtùpà yẹn, àárín ìlú ni, ní ààfin, iná á máa jó títí ilẹ̀ fi máa mọ́, Àtáọ́ja á sì jó yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta. Owó yàrá kì í tíì gbéra ní ọ̀sẹ̀ yẹn, èrò kò sì tó ti ọjọ́ Arugbá. Fún màmá ẹni ọdún 68, ó wù mí ju ọjọ́ Ẹtì lọ, ẹ sì lè lọ wo inú igbó àti àwọn ère tí Àdùnní Olórìṣà, òyìnbó oníṣẹ́ ọnà nì, fi síbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, láìsí ẹni tó máa tì yín.

Tó bá jẹ́ Arugbá gan-an ni màmá fẹ́ rí, má mú wọn wọ igbó lọ́jọ́ Ẹtì. Ojú ọ̀nà láti ààfin ni kẹ́ ẹ jókòó sí, kẹ́ ẹ ti débẹ̀ ní aago méje, kó o gbé àga onírọ́bà kékeré kan dání. Arugbá máa kọjá níwájú yín, wọ́n á sì lè gbàdúrà wọn sí i. Ẹnu àbáwọlé igbó ni ìjàǹbá wà: bí igbá bá ti wọlé, gbogbo ẹni tó mú kẹ́ẹ̀gì dání á sáré tẹ̀lé e lọ sí odò, òjò oṣù kẹjọ á sì ti mú ilẹ̀ yọ̀. Mo rí ìyá àgbà kan tó ṣubú níbẹ̀, ó pẹ́ kí a tó lè fà á dìde nítorí àwọn tó wà lẹ́yìn ò mọ̀ pé ènìyàn wà nílẹ̀. Ẹ fi ẹnu kò sí ibi kan tí ẹ máa ti pàdé tí ẹ bá sọnù síra yín, torí fóònù kì í wọlé dáadáa ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Owó kéékèèké ni kó o mú láti Èkó, nítorí àwọn oní-POS tó ń bá èèyàn gba owó lẹ́bàá títì máa ń fi kún owó iṣẹ́ wọn lọ́jọ́ náà.

Ẹ má ṣe kúrò nírọ̀lẹ́ Ẹtì. Gbogbo ayé ló ń wá ọkọ̀ nígbà yẹn, owó ọkọ̀ Ìbàdàn nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì lójú mi rí. Ìdí tí mo fi san owó òru kẹta nìyẹn: mo máa ń sùn, mo sì ń wọ ọkọ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Àbámẹ́ta.