Wọ́n gbé fírísà lọ lórí owó ṣọ́ọ̀bù: bí ẹ ṣe lè gbà á padà lọ́nà òfin

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí o. Ẹja tútù ni mò ń tà ní Ọjà Ìsinkàn, l'Ákùúrẹ́. Lánàá, àwọn agbowó gbé fírísà àti òṣùwọ̀n mi lọ. Wọ́n ní mo jẹ owó ṣọ́ọ̀bù ọdún méjì, ₦36,000. Tíkẹ́ẹ̀tì kékeré kan ni wọ́n fi sílẹ̀. Ẹja ṣì wà nínú fírísà náà. Kí ni kí n ṣe?"

Ẹ má tíì san kọ́bọ̀ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ má sì kó èèyàn jọ lọ gbà á tipátipá. Bí àwọn yẹn bá ní àṣẹ lọ́wọ́, ẹ̀sùn pé ẹ dí òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́ ni wọ́n máa fi kàn yín, ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ á wá di ẹlẹ́jọ́. Ìwé ló máa gbé fírísà yẹn jáde. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi sílẹ̀ yẹn sì ni ìwé àkọ́kọ́.

Ẹ kà á dáadáa. Ta ló fún yín: ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Àkúrẹ́ ni, àbí iléeṣẹ́ owó orí ìpínlẹ̀? Irú owó wo ni wọ́n kọ síbẹ̀, fún ọdún wo? Òfin ìjọba àpapọ̀ kan wà láti ọdún 1998 tó pín owó tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà. Owó ṣọ́ọ̀bù àti kíóòsì, ti ìjọba ìbílẹ̀ ni. Owó ọjà náà, ti ìjọba ìbílẹ̀ ni, àfi ọjà tí owó ìpínlẹ̀ bá wà nínú rẹ̀. Ìforúkọsílẹ̀ ibi ìṣòwò, ti ìpínlẹ̀ ni, òfin yẹn sì dé e mọ́lẹ̀: nínú ìgboro, kò gbọ́dọ̀ ju ₦10,000 lọ nígbà àkọ́kọ́, kò sì gbọ́dọ̀ ju ₦5,000 lọ lọ́dọọdún lẹ́yìn náà.

Ìdí tí mo fi ń pín in báyìí ni pé àpapọ̀ owó bíi ₦36,000 kì í sábà jẹ́ ẹyọ owó kan. Ẹ ní kí wọ́n tú u palẹ̀. Ká ní wọ́n tú u, tí ẹ rí i pé ₦15,000 nínú rẹ̀ jẹ́ ìforúkọsílẹ̀ ibi ìṣòwò ọdún kìíní àti àtúnṣe ọdún kejì, tó sì jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló ń béèrè gbogbo rẹ̀: ₦15,000 yẹn kì í ṣe tiwọn láti gbà. ₦21,000 ló ṣẹ́kù láti bá wọn sọ̀rọ̀ lé lórí, ìyẹn náà bí ẹ ò bá tíì san án tẹ́lẹ̀. Ẹ wá gbogbo risíìtì àtijọ́ jáde, títí kan èyí tí ẹ fi bébà wé sínú àpótí owó.

Ibi tó le jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyí: kí èèyàn jẹ owó jẹ́ ọ̀kan, kí wọ́n ní àṣẹ láti gbé ẹrù rẹ̀ jẹ́ òmíràn. Abala 44 ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fipá gba ohun ìní èèyàn àfi bí òfin kan bá là á sílẹ̀. Lóòótọ́, ó yọ òfin owó orí sílẹ̀, àmọ́ òfin náà gbọ́dọ̀ wà kí wọ́n tó lè fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ béèrè òfin abẹ́lé ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n lò àti abala tó ní kí wọ́n máa gbé ẹrù. Ó lè jẹ́ pé òfin náà kò ju owó ìtanràn àti kóòtù lọ. Ẹ tún béèrè ẹ̀dà ìwé tí wọ́n fi kọ́kọ́ béèrè owó náà lọ́wọ́ yín, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n fún yín, àti ìwé tó yan àwọn tó wá. Òfin ọdún 1998 yẹn kò gbà kí ẹlòmíì yàtọ̀ sí aláṣẹ owó orí gan-an gba owó náà; ẹni tó bá rú u lè san ìtanràn ₦50,000 tàbí kí ó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí méjèèjì.

Lónìí gan-an, ẹ kọ lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí olórí ẹ̀ka owó-wíwọlé. Ojú ìwé kan ti tó. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

"Ní ọjọ́ báyìí, ní aago báyìí, àwọn òṣìṣẹ́ yín gbé fírísà kan (orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀), òṣùwọ̀n kan, àti páálí ẹja báyìí kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi. Wọn kò fún mi ní àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n gbé. Mo ń béèrè àkọsílẹ̀ náà, ẹ̀dà òfin abẹ́lé tí ẹ fi gbé e, ìwé ìbéèrè owó, àti àlàyé bí ₦36,000 ṣe jẹ́. Ẹja máa ń bàjẹ́. Ẹ dá a padà lónìí, ẹ má sì ta ohunkóhun nínú rẹ̀."

Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ tiyín, kí ẹni tó gbà á kọ orúkọ àti ọjọ́. Bí wọ́n bá kọ̀ láti gbà á, ẹ fi kúríà ránṣẹ́, kí ẹ tọ́jú risíìtì kúríà. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 ni ẹ fi ń béèrè àwọn ìwé náà. Ọjọ́ méje ni òfin yẹn fún wọn láti dáhùn.

Nọ́ńbà fírísà máa ń wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀m̀présọ̀. Bí ẹ kò bá ní fọ́tò rẹ̀, ẹ wo páálí tàbí káàdì gàráńtì. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó ta ẹja fún yín ní kóòdù-rúùmù pé iye páálí báyìí ni ẹ rà, iye báyìí lówó wọn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń jábọ́: kóòtù kì í ní kí wọ́n san owó ẹja tó bàjẹ́ lórí "ó tó ọ̀kẹ́ àìmọye". Ó ń fẹ́ iye tó dájú àti ẹ̀rí rẹ̀. Kí Ìyálọ́jà àti aládùúgbò ṣọ́ọ̀bù méjì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ nísinsìnyí tó ṣì wà lọ́kàn wọn.

Nítorí ẹja, ó lè jẹ́ pé sísan ló máa dín àdánù kù. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, inú àkáǹtì ìjọba ní báńkì ni kí ẹ san án sí, kí ẹ gba risíìtì ìjọba, kí ẹ sì kọ lẹ́tà lọ́jọ́ náà pé: "Mo san owó yìí lábẹ́ àtakò, kí ẹja mi má baà bàjẹ́, n kò gbà pé mo jẹ ẹ́." Àìkọ ìyẹn ni wọ́n máa ń fi bi èèyàn lẹ́yìn ọ̀la pé, ṣebí o ti gbà.

Bí lẹ́tà kò bá ṣiṣẹ́, ẹ lọ sí ọ́fíìsì Àjọ Agbẹjọ́rò-ọ̀fẹ́ tàbí Àjọ Tó Ń Gbọ́ Ẹ̀sùn Ará Ìlú l'Ákùúrẹ́. Ti ẹ̀sùn, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n lè pe ìjọba ìbílẹ̀ láti wá ṣàlàyé. Bó bá di kóòtù, ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́: òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń pa ẹjọ́ tí wọn kò bá gbé wá láàárín oṣù mẹ́ta, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹrù. Wọ́n sì sábà máa ń béèrè pé kí ẹ fún ìjọba ìbílẹ̀ ní ìwé ìkìlọ̀ oṣù kan ṣáájú. Ìyẹn ni pé oṣù kan á ti kúrò nínú mẹ́ta yẹn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Lọ́yà lè gba ọ̀nà ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lọ sí kóòtù gíga. Ọ̀nà yẹn kò ní gbèdéke oṣù mẹ́ta, àmọ́ mi ò ní kí ẹ fi gbẹ́kẹ̀ lé nìkan.

Bí wọ́n bá fẹ́ dá fírísà padà, wọ́n máa ní kí ẹ fọwọ́ síwèé pé ẹ gbà á "ní ipò tó dára". Ẹ má fọwọ́ sí i kí ẹ tó wò ó. Ẹ kọ ohun tí ojú yín rí: ara tó tẹ̀, wáyà tó já, iye páálí tó ṣẹ́kù. Bí wọ́n bá dá a dùbúlẹ̀ gbé, ẹ má fi iná sí i níbẹ̀. Òróró kọ̀m̀présọ̀ ti lè wọ inú páìpù. Ẹ jẹ́ kí ó dúró gangan títí di ọjọ́ kejì kí ẹ tó tàn án. Nítorí ìyẹn, ẹ kọ sórí ìwé wọn pé "a kò tíì dán an wò" kí ẹ tó fọwọ́ sí i.