Bíbi ìbéèrè nípa fọ́tò ní Yorùbá

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi fọ́tò sínú ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá, kí n fi Yorùbá bi í léèrè, kó sì fi Yorùbá dáhùn?

Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń rí àwòrán ń ṣe é. Àmọ́ fi àmì ohùn sí ìbéèrè rẹ, torí ibẹ̀ ni wàhálà pọ̀ sí.

Mo ya fọ́tò kan lóko wa nítòsí Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì: ọkọ́ mẹ́ta wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè, ọkọ̀ akẹ́rù kan sì wà lẹ́yìn. Mo kọ ọ́ láìsí àmì: "Oko melo lo wa nibi?" Ẹ̀rọ náà ní ọ̀kan, ó ń ka ọkọ̀. Nígbà tí mo kọ "Ọkọ́ mélòó ló wà níbí?", ó ní mẹ́ta. Ojú rẹ̀ kò ṣì í rárá, ọ̀rọ̀ ni kò yé e, torí "oko" lásán lè jẹ́ oko, ọkọ, ọkọ́ tàbí ọkọ̀.

Oúnjẹ wa náà máa ń dà á láàmú. Iyán àti fùfú jọra nínú àwo, ìdí nìyẹn tó fi lè pe ọ̀kan ní èkejì pẹ̀lú Yorùbá tó dán mọ́rán. Má jẹ́ kí dídán yẹn tàn ọ́. Bi í pé kí ló rí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá dárúkọ ohun tí kò sí nínú fọ́tò, ó ń méfò ni. Tún bi í ní Gẹ̀ẹ́sì: bí Gẹ̀ẹ́sì bá tọ̀nà tí Yorùbá kò tọ̀nà, èdè ló kù síbì kan, kì í ṣe àwòrán.