Ọkùnrin bàbà tó di ọkùnrin wúrà: kí ni alikẹ́mì ń wí gan-an?

*Ẹ jọ̀ọ́, èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń jiyàn. Ó ní alikẹ́mì kì í ṣe ọ̀rọ̀ wúrà rárá, pé òwe ni, ọkàn ènìyàn ni wọ́n ń yí padà. Èmi ní owó ni wọ́n ń wá. Ta ló jàre nínú wa?*

Alikẹ́mì ni iṣẹ́ àtijọ́ tí wọ́n ní ó lè sọ irin lásán di wúrà. Ẹni tó jàre nínú yín, ọwọ́ ìwé tí ẹ bá gbé ló kù sí. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan tó dá ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú.

Ní nǹkan bí ọdún 300 Sànmánì Kristi, oníṣẹ́ alikẹ́mì kan wà ní Íjíbítì tó ń jẹ́ Sósímọ́sì, ará Panopólísì. Èdè Gíríìkì ló fi kọ̀wé. Ó ní òun sùn, òun sì rí àlùfáà kan níbi pẹpẹ tó rí bí abọ́, àtẹ̀gùn 15 ni wọ́n ń gùn débẹ̀. Àlùfáà náà ròyìn pé ẹnì kan sáré wá bá òun ní kùtùkùtù, ó fi idà gún òun, ó gé òun wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó bó awọ orí òun, ó sì sun ẹran òun pẹ̀lú egungun nínú iná títí ara òun fi di ẹ̀mí. Ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ tí ojú rẹ̀ fi di ẹ̀jẹ̀, tó ń bi ẹran ara rẹ̀ jáde. Níwájú sí i, ọkùnrin bàbà kan tún yọjú. Wọ́n ní kí Sósímọ́sì má wá a ní bàbà mọ́, àwọ̀ rẹ̀ ti yí, ó ti di ọkùnrin fàdákà. Bó bá sì wù ú, láìpẹ́ á rí i ní ọkùnrin wúrà.

Ẹni tó bá ka èyí á ní ó tán, òwe ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn oníṣẹ́ ìgbà náà ń ṣe. Wọ́n á gbé bàbà kọ́ sókè nínú ohun èlò tí wọ́n dé pa, wọ́n á fi ásẹ́níìkì, èròjà olóró kan, sísàlẹ̀, wọ́n á koná mọ́ ọn. Èéfín á gòkè lọ bá bàbà pupa, bàbà á funfun bíi fàdákà. (Ẹnikẹ́ni má dán an wò o, èéfín yẹn ń pani.) Fàdákà ojú lásán ni, bàbà ṣì ni nínú, àmọ́ ẹni tó rí i lójú ara rẹ̀ lè lá àlá ọkùnrin bàbà tó yí àwọ̀ padà. Sósímọ́sì fúnra rẹ̀, bó ti jí, ohun tó bi ara rẹ̀ ni pé: ṣé kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń po omi nìyí?

Omi wo? Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Èdè Gíríìkì ní ọ̀rọ̀ kan, *théíọ́nì*, tó túmọ̀ sí imí ọjọ́, tó sì tún túmọ̀ sí ohun tó jẹ́ ti Ọlọ́run. Omi imí ọjọ́ tí wọ́n fi ń pa irin láró, orúkọ kan náà ni òun àti omi ọ̀run ń jẹ́. Wọn kò ní láti yan ọ̀kan.

Sósímọ́sì kò sì yàn. Ó kọ̀wé sí obìnrin kan, Tẹosẹbíà, pé kó jókòó jẹ́ẹ́ nínú ilé rẹ̀, Ọlọ́run tó wà níbi gbogbo á wá bá a; kó fi ara rẹ̀ balẹ̀, kó sì pa ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́, ìbínú àti ìbànújẹ́ lẹ́nu mọ́. Ọkùnrin yìí kan náà ló ń ṣàlàyé ìkòkò àti iná ààrò.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín, pé kò sí irin níbẹ̀ rárá, tuntun ni. Lára àwọn tó gbé e jáde ni ọ̀gágun ará Amẹ́ríkà kan, Hítíkọ́ọ̀kì, nínú ìwé tó tẹ̀ ní ọdún 1857: ó ní ènìyàn ni àwọn oníṣẹ́ alikẹ́mì ń sọ, kì í ṣe wúrà. Ó rí ohun kan, àmọ́ ó nà án jù. Jọ́ọ̀jì Sítákì, oníṣẹ́ alikẹ́mì tó kú ní Lọ́ńdọ́nù ní 1665, fi orúkọ bòókẹ́lẹ́ kọ̀wé tó kún fún àdàbà méjì ti Díánà, òrìṣà obìnrin àwọn ará Róòmù, àti irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà, ibẹ̀ ló sì ti hàn pé fàdákà ìwọ̀n méjì ni àdàbà méjèèjì. Bí ẹ bá rí ìwọ̀n àti irú ìkòkò nínú ìwé, ẹ fura: iṣẹ́ ọwọ́ ni.

Ibi tí ọ̀rẹ́ yín ti jàre pátápátá ni ọ̀dọ̀ Al-Gàsálì, onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó kú ní 1111, tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn alfa wa. Ìwé rẹ̀ kan lédè Páṣíà ń jẹ́ Kímíyà Ayọ̀. Ọ̀rọ̀ kímíyà yìí ni wọ́n fi *al* ti Lárúbáwá ṣáájú tó di alikẹ́mì. Ó ní bí kímíyà tó ń sọ bàbà di wúrà ti ṣòroó rí, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ń mú ènìyàn kúrò nínú ìwà ẹranko lọ sí ìwà mímọ́ ti málékà ṣòroó rí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààrò ló ń sọ. Mímọ ara ẹni ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa.